Ohun Tí Iṣẹ́ Ń Béèrè Ni Ká Fi Ṣètò Ọjọ́, Kì Í Ṣe Aago

Púpọ̀ nínú wa ló lẹ táìmùtébù mọ́ ara ògiri yàrá. Ohun tó máa ń wà nínú rẹ̀ kò ju èyí lọ: aago 2 sí 6 ọ̀sán, títẹ orí kẹrin iṣẹ́ àṣekágbá, aago 8 sí 10 alẹ́, fífi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí olùkọ́. Irú ètò yìí dára fún ẹni tí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kì í yẹ̀. Ṣùgbọ́n ládùúgbò tí iná ti ń wá nígbà tó bá wù ú, aago 2 lè dé kí iná má dé. Láti ìgbà tí mo ti jáde ní yunifásítì ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìwé títẹ̀ láti ilé, níbí ní Ìlọrin. Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣètò ọjọ́ mi ni mo fẹ́ kí a jọ kọ́ lónìí. Kò ju ohun mẹ́ta lọ: ká mọ iye iná tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé, ká pín iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tó nílò, ká sì mọ iye agbára tí bátìrì wa lè gbé pamọ́.

1. Ẹ kọ ìgbà tí iná ń dé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì

Ní ọdún 2020 ni ètò bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà tó pín àwọn tó ń lo iná sí ìsọ̀rí márùn-ún. Àwọn tó wà ní Báǹdì A yẹ kí wọ́n rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán. Ti B jẹ́ wákàtí 16, ti C jẹ́ 12, ti D jẹ́ 8, ti E sì jẹ́ 4. Ó dára kí ẹ mọ ìsọ̀rí tí ilé yín wà, ṣùgbọ́n iye wákàtí ni ètò náà sọ, kò sọ ìgbà. Wákàtí 8 tó bẹ̀rẹ̀ ní aago 10 alẹ́ tó sì parí ní aago 6 àárọ̀ pé wákàtí 8 lóòótọ́, àmọ́ ojú oorun ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí.

Nítorí náà, ẹ mú ìwé kékeré kan. Nígbàkigbà tí iná bá dé, ẹ kọ aago sílẹ̀. Bó bá lọ, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú. Bí ẹ kò bá sí nílé ńkọ́? Aago tábìlì oníná tí kò ní bátìrì nínú lè ràn yín lọ́wọ́. Bí iná bá lọ tó sì padà, irú aago bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti 12:00 lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ bá wọlé tí ẹ bá a lórí 3:20, ẹ mọ̀ pé ó ti tó wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú tí iná ti dé láìlọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ 14, ẹ ka iye wákàtí iná tó bọ́ sí àárín aago 6 àárọ̀ sí 10 alẹ́ lójoojúmọ́. Àpẹẹrẹ kan nìyí, tí mo ti tò láti orí èyí tó kéré jù: 0, 1, 2, 3, 3, 4, 5, 5, 6, 7, 7, 8, 9, 10. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 70, tí a bá sì pín in sí ọ̀nà 14, wákàtí 5 ló máa kan ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á fi 5 yìí ṣètò. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: nínú ọjọ́ 14 yẹn, ọjọ́ 6 ni iná kò pé wákàtí 5. Ẹni tó fi 5 ṣètò á kùnà ní nǹkan bí ọjọ́ kan nínú ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń fa igi sórí ọjọ́ mẹ́ta tó burú jù, kí n wá mú nọ́ńbà tó tẹ̀ lé wọn. Níhìn-ín, wákàtí 3 ni. Ọjọ́ 11 nínú 14 ni iná pé wákàtí 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wákàtí 3 ni mo máa fi ṣe ìlérí fún ènìyàn. Bí iná bá wá ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo ti jèrè.

2. Ẹ pín iṣẹ́ sí ìdì mẹ́rin

Bí òjò bá ń rọ̀, kò sẹ́ni tó máa jókòó sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kó máa fi ife mu omi níbẹ̀. Agbada àti kẹ́ẹ̀gì là ń kó síta. A máa mu omi náà lẹ́yìn tí òjò bá dá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló yẹ kí a ṣe sí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìgbà tí wọ́n bá wà ni ìgbà ìkójọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ gan-an, inú ohun tí a ti kó jọ la ti ń ṣe é.

Ìdì kìíní ni iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe láìsí iná lára ògiri: ṣíṣájì, títẹ ìwé jáde lórí ẹ̀rọ, aṣọ lílọ̀. Ìdì kejì ni èyí tó nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì: gbígba fáìlì wálẹ̀, fífi iṣẹ́ ránṣẹ́, wíwá ìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìdì kẹta nílò bátìrì nìkan: títẹ ọ̀rọ̀, títún un ṣe, ṣíṣírò èsì ìwádìí. Ìdì kẹrin kò nílò èyíkéyìí nínú wọn: kíka ìwé tí a ti tẹ̀ jáde, fífi báírò to kókó ọ̀rọ̀, títọ́ka sí àṣìṣe lórí ìwé.

Ẹ kọ ìdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìwé kan ṣoṣo, kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà, kí ẹ lè rí i kódà bí bátìrì bá kú. Bí iná bá dé, ẹ kọ́kọ́ ki gbogbo ohun tó ń gba ṣájì bọ iná, lẹ́yìn náà ẹ mú ìdì kìíní àti ìkejì. Ìgbà tí wọ́n bá tán nìkan ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí iṣẹ́ ìdì kẹta. Bí iná bá lọ, ẹ máa bá ìdì kẹta lọ lórí bátìrì. Bí bátìrì náà bá tán, ìdì kẹrin ń dúró dè yín. Ohun kan péré ni ẹ máa kíyè sí: bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tó ń ṣẹ́jú, tàbí tó ń mọ́lẹ̀ jù, ẹ ní sùúrù títí á fi fara balẹ̀ kí ẹ tó ki ṣájà bọ̀ ọ́.

Ìwé yìí tún máa ń fi ibi tí ìṣòro wà hàn. Bí ìdì kẹta bá ti tán fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, tí ìdì kejì sì ń ga sí i, ìṣòro yín kì í ṣe iná mọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Rírà bátìrì mìíràn kò ní wò ó sàn.

3. Ẹ wọn ohun tí bátìrì yín lè gbé

Iye agbára tí bátìrì gbà ni à ń fi wáàtì-wákàtí kà. Ẹ̀rọ tó ń jẹ wáàtì 10 á lo wáàtì-wákàtí 10 láàárín wákàtí kan. Bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká máa ń gbó, nítorí náà ohun tó gbà nígbà tí ẹ rà á kọ́ ló ń gbà lónìí. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ èyí:

```
powercfg /batteryreport
```

Kọ̀ǹpútà á sọ ibi tó fi ìwé ìròyìn bátìrì pamọ́ sí. Ẹ ṣí i, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DESIGN CAPACITY sí, èyí tó jẹ́ agbára rẹ̀ nígbà tó wà ní tuntun, àti FULL CHARGE CAPACITY, èyí tó lè gbà nísinsìnyí. Ká ní èkíní jẹ́ 41,000 mWh, tí èkejì sì jẹ́ 26,000 mWh. Wáàtì-wákàtí 26 lẹ ní, kì í ṣe 41. Bí kọ̀ǹpútà bá ń jẹ nǹkan bí wáàtì 10 nígbà tí ẹ ń tẹ ọ̀rọ̀ tí ojú rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, wákàtí méjì àtààbọ̀ ó lé díẹ̀ ni. Ẹ má lò ó gbẹ. Ẹ pè é ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣírò lè dán an wò. Ẹ ṣájì rẹ̀ kún, ẹ yọ ṣájà, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ wo iye tó fi dín kù. Bó bá fi 40 dín nínú 100, wákàtí méjì àtààbọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ máa tún un wọ̀n lóṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Bí páwá-báǹkì bá ní 20,000 mAh lára, a óò fi 3.7 ṣe ìsọdipúpọ̀ 20, èsì rẹ̀ á jẹ́ wáàtì-wákàtí 74. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń sọnù bí agbára ṣe ń kọjá sínú fóònù, nítorí náà ẹ gbẹ́kẹ̀ lé ìdá méjì nínú mẹ́ta, bí 50. Ìyẹn lè ṣájì fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh ní ẹ̀ẹ̀mejì àti ààbọ̀. Ẹ má ṣe rò pé páwá-báǹkì á ṣájì kọ̀ǹpútà. Àfi kọ̀ǹpútà tó ń gba ṣájì láti ojú ihò USB-C, tí páwá-báǹkì náà sì lè gbé iye wáàtì tí ó fẹ́.

Ohun kan wà tí ìṣirò yìí kọ́ mi, òun ni pé kí n má fojú kéré iná wákàtí kan. Ṣájà tó jẹ́ wáàtì 45 lè gbé bátìrì wáàtì-wákàtí 26 láti ìsàlẹ̀ dé nǹkan bí 80 nínú 100 láàárín wákàtí kan, bí a kò bá lo kọ̀ǹpútà lákòókò náà. Èyí tó kù ló máa ń falẹ̀. Iná wákàtí kan tó bá kọ̀ǹpútà lẹ́nu ṣájà ti di nǹkan bí wákàtí méjì iṣẹ́ lẹ́yìn tí iná bá lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ fi gbogbo ṣájà sílẹ̀ lára iná, kódà bí kò bá sí iná. Bó bá dé lóru, kò sídìí láti jí.

4. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì: ẹ dín ẹrù kù kí ẹ tó gbé e

Bí àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kún lójú fóònù síbẹ̀ tí nǹkan kò lọ, òpó sún mọ́ yín, àmọ́ èrò pọ̀ lórí rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ yí àkókò padà. Láàárín aago 4 sí 6 àárọ̀, àwọn tó ń pín in pẹ̀lú yín kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí àmì bá kúrò lórí 4G tó bọ́ sí H tàbí E, ó lè jẹ́ pé iná tó ń gbé òpó náà ló ní ìṣòro. Bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ ni òpó ń lò bí iná àdúgbò bá lọ. Ọ̀rọ̀ lásán ṣì lè kọjá lórí E. Ohùn àti fídíò kò ní lọ.

Ẹ wá wo bí ẹrù ṣe lè fúyẹ́. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 40 ní WAV, bí wọ́n ṣe sábà máa ń gbà á, tó nǹkan bí 423 MB. Bí a bá sọ ọ́ di MP3 tó jẹ́ 64 kbps, ó di nǹkan bí 19 MB, a ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ ketekete. Ẹni tó ní ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni kí ó yí i kó tó fi ránṣẹ́.

5. Ọ̀sẹ̀ kan ní kíkún

Àbúrò wa obìnrin kan tó wà ní ọdún àṣekágbá gba iṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mẹ́rin, ìṣẹ́jú 40 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ sórí ìwé. Aago 6 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ ẹ. Ó wá bá mi.

“Bọ̀dá, mo ti pín in,” ni ó wí. “Wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, aago 2 sí 6, láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀. Ṣé ẹ rí i pé ó máa tó?”

Mo bi í léèrè pé, “Ìṣẹ́jú mélòó ni o lè tẹ̀ ní wákàtí kan?”

“Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ohùn.”

Ìṣẹ́jú 160 lápapọ̀, wákàtí 16 ni. Ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà, àmọ́ orí aago 2 sí 6 ló gbé e kà. A jọ fi ìdì mẹ́rin tún un ṣe. Ó ní kí oníṣẹ́ yí ohùn náà sí MP3, 1.7 GB di 77 MB. Títẹ̀ jẹ́ ti kọ̀ǹpútà. Gbígbọ́ ohùn kó lè kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ líle sílẹ̀, pẹ̀lú fífi ojú wo ohun tó ti tẹ̀, jẹ́ ti fóònù àti páwá-báǹkì. Ó sì bá oníṣẹ́ ṣàdéhùn pé bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti parí ni òun á máa fi ránṣẹ́. Bátìrì kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni ti wáàtì-wákàtí 26 tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ lókè, ó sì ṣájì gbogbo nǹkan kún ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Ọjọ́ Ajé, iná wà láti aago 5:40 sí 8 àárọ̀. Ó gba fáìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wálẹ̀, ó sì tẹ̀ fún wákàtí kan àtààbọ̀ láìfọwọ́ kan bátìrì. Lẹ́yìn kíláàsì, ó lo bátìrì fún wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15. Lóru, iná dé fún wákàtí méjì nígbà tó ń sùn. Ṣájà wà lára ògiri. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, iná kò dé rárá lójú ọ̀sán. Ó lo bátìrì tó kún lóru fún wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ó fi fóònù gbọ́ ìkẹta àti ìkẹrin. Ó ti tẹ̀ fún wákàtí 6.

Ọjọ́rú, iná wà láti aago 1 sí 5 ọ̀sán. Ó ti kíláàsì dé ní aago 2, ó tẹ̀ fún wákàtí 3 lórí iná, kí ó tó wá lo bátìrì lálẹ́ lẹ́yìn ìpàdé ìdàpọ̀. Ó di wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 15. Ọjọ́bọ̀, iná ya fún wákàtí kan péré láàárọ̀. Kò tẹ ohunkóhun. Ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gba ṣájì, ó sì fi èkíní àti èkejì tó ti yẹ̀ wò lórí fóònù ránṣẹ́. Bátìrì yẹn fún un ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45. Iná tún dé ní aago 7 alẹ́, ó tẹ̀ fún wákàtí 3, wákàtí 16 pé, bátìrì sì kún. Ọjọ́ Ẹtì, kò síná. Ó fi fóònù yẹ ìkẹta àti ìkẹrin wò láàárọ̀, ó fi bátìrì ṣàtúnṣe, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ ní aago 12 ọ̀sán lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò ju E lọ. Ọ̀rọ̀ lásán ni, kò wúwo.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀sẹ̀ yìí burú ju wákàtí 3 lójúmọ́ tí a fi ṣètò. Bí àbúrò wa bá sì ti dúró de aago 2 sí 6, wákàtí 3 péré, ti Ọjọ́rú, ni ì bá bá iná pàdé láàárín ọ̀sẹ̀ náà.

6. Ibi tí ọ̀nà yìí ti dópin

Kò wúlò fún ohun tó ní aago tirẹ̀, bíi kíláàsì tàbí ìpàdé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fún irú èyí, ẹ ya páwá-báǹkì tó kún sọ́tọ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ lo fóònù, kí ẹ sì pa fídíò; ohùn nìkan kì í jẹ dátà tó bẹ́ẹ̀.

Kò sì lè dúró bí tiransífọ́mà bá jóná. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá láìsí ìṣẹ́jú kan iná, tí ìta kejì sì ní iná, ẹ má wo ìwé ọ̀sẹ̀ méjì yín mọ́. Ẹ bi àwọn aládùúgbò léèrè, kí ẹ sì wá ibi ìṣájì tàbí ilé ìkàwé lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ó tó ku ọ̀la tí ẹ máa fi iṣẹ́ jíṣẹ́. Bó bá di jẹnẹrétọ̀, ẹ rántí pé epo tó ń mu nítorí ṣájà kan kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí èyí tó ń mu nítorí ṣájà márùn-ún. Kí ẹni márùn-ún dáwó epo, kí wọ́n tàn án lẹ́ẹ̀kan ní ìta gbangba, kí èéfín rẹ̀ má wọlé.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Láti òní, ẹ kọ ìgbà tí iná dé àti ìgbà tó lọ fún ọjọ́ 14. Kí ni nọ́ńbà tó kù lẹ́yìn tí ẹ fa igi sórí ọjọ́ mẹ́ta tó burú jù?
2. Ẹ wọn bátìrì yín. Wákàtí mélòó gan-an ló lè fi tẹ ọ̀rọ̀?
3. Ẹ kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sí ìdì mẹ́rin. Èwo nínú iṣẹ́ tí ẹ ti ń fi dúró de iná ló jẹ́ ti ìdì kẹrin?